Orúkọ rẹ àti orúkọ yunifásítì lórí ìtumọ̀ sàtífíkéètì Íńdíà

Bí o bá kàwé gboyè ní Íńdíà, ó lè jẹ́ Híńdì tàbí Màràtí ni wọ́n fi kọ sàtífíkéètì rẹ, lẹ́tà Devanágárì sì ni wọ́n fi ń kọ èdè méjèèjì. Kó o tó wá olùtumọ̀ tí yóò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ìwé náà wò tojú tẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Bó bá wà níbẹ̀, òun ni kí olùtumọ̀ tẹ̀ lé.

Bí kò bá sí, orúkọ rẹ ni wàhálà àkọ́kọ́. Ká ní Adéwálé Ṣówándé ló ni ìwé, tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì sọ pé ADEWALE SOWANDE. Akọ̀wé yunifásítì kọ ohun tó gbọ́: अडेवाले शोवांडे. Lẹ́tà व kan náà ló ń ṣiṣẹ́ v àti w, श sì ni ṣ tiwa, tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní sh. Olùtumọ̀ tó bá kàn ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan yóò kọ Adevale Shovande. Kò ṣi lẹ́tà kankan kà, àmọ́ lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Lọ́ńdọ́nù, ẹlòmíì nìyẹn.

Nítorí náà, fún olùtumọ̀ ní ẹ̀dà ojú ewé pásípọ́ọ̀tù rẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ Adewale Sowande, kó sì fi àlàyé kékeré sísàlẹ̀ pé pásípọ́ọ̀tù lòun tẹ̀ lé. Má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu nípa àmì ohùn, pásípọ́ọ̀tù náà kò ní in.

Àmọ́ ó níbi tí èyí mọ. Bí wọ́n bá kọ अडेवोले, Adewole nìyẹn. Wo ọ̀pá tó tẹ̀ lé व: bí ìlà kékeré bá gun orí rẹ̀, o ni, kì í ṣe a. Olùtumọ̀ kò lè tún èyí ṣe, torí ó ń fọwọ́ sí i pé ohun tó wà nínú ìwé lòun kọ. Yunifásítì ló gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe sàtífíkéètì náà.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ tún yàtọ̀. काशी हिन्दू विश्वविद्यालय ní Fàránásì, bí a bá kà á bó ṣe wà, Kashi Hindu Vishwavidyalaya ni. Ṣùgbọ́n Banaras Hindu University lorúkọ tí yunifásítì náà ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun lẹni tó ń yẹ ìwé wò yóò wá. Orúkọ yìí ni kó ṣáájú, kí èkejì tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan péré. Má sì rò pé òfin kan ló kárí gbogbo wọn: ní Púnè, विद्यापीठ, tí à ń kà ní Vidyapith, ti di University nínú Savitribai Phule Pune University, àmọ́ ní Fàránásì kan náà, Mahatma Gandhi Kashi Vidyapith kò yí tirẹ̀ padà. Ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀ ni kó o ti wò ó, kó o fi ránṣẹ́ sí olùtumọ̀, kó o sì ní kó fi iṣẹ́ náà hàn ọ́ kó tó fọwọ́ sí i.