Fífi hóró fọ́tò bá ojú tí a lẹ̀ mọ́ ọn mu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ayafọ́tò ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àmọ̀ràn yìí. Ìyá kan dijú nínú fọ́tò ẹbí tí mo yà nínú gbọ̀ngán ní ISO 3200, ó sì ní kí n fi ojú rẹ̀ láti inú fọ́tò ìta, tí mo yà ní ISO 200, rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ bára mu, síbẹ̀ ojú náà ń dán, nígbà tí hóró wínníwínní bí iyanrìn kún gèlè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dín ojú náà kù sí ìwọ̀n tí yóò wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́ (0.6 ló tó fún tèmi), títí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò fi ní mú ju ti ẹni tó dúró tì í lọ. Ẹ̀yìn èyí nìkan ni kí ẹ lo Add Noise, nítorí pé bí hóró bá ṣáájú, Gaussian Blur yóò pa á rẹ́. Ẹ wò ó ní 100%, kí ẹ sì ṣí Blue nínú Channels, níbi tí hóró ti sábà máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń dán níbẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un.