Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ẹ bá ń fi fọ́tò mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ ya àwòrán AI

Ẹ̀yin tẹ́ ń fi ẹ̀rọ AI ya àwòrán bánà ọjọ́ ìbí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti mọ bí a ṣe ń fún ẹ̀rọ ní fọ́tò kó lè wo ojú ẹni náà, n ò ní padà síbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe ń tẹ bánà lẹ́ẹ̀mejì, torí wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú inú fọ́tò.

1. Wọ́n gbà pé ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ ti fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fi ṣe.

Ká sọ pé àǹtí yín kan ní Oǹdó fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún. Wọ́n fi fọ́tò ìró àti bùbá ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé kí ẹ fi ṣe bánà. Ẹ̀yin wá ní kí ẹ̀rọ wọ̀ wọ́n ní aṣọ òfì, kó so ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lọ́rùn, kó fi wọ́n sínú ààfin. Bí ẹ̀rọ bá ti rí "ààfin" àti "ìlẹ̀kẹ̀" pa pọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń fi adé àti ìrùkẹ̀rẹ̀ kún un láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nílùú tí Lóbùn ti ń ṣe olórí àwọn ìjòyè obìnrin, ta ló máa rí bánà yẹn tí kò ní béèrè ìgbà tí àǹtí joyè? Fọ́tò ni wọ́n yọ̀nda, oyè kò sí nínú ohun tí ẹ jọ sọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí ẹ béèrè: kí fọ́tò tó wọ inú ẹ̀rọ, àti kí àwòrán tó jáde lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Fọ́tò ìró àti bùbá búlúù yẹn ni mo fẹ́ fi sínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán, kó lè fi aṣọ òfì wọ̀ yín. Kò ní sí adé, kò ní sí ìrùkẹ̀rẹ̀. Bánà kan àti Wásáàpù ẹbí nìkan la máa lò ó fún. Màá fi hàn yín kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i mà?"

Bí wọ́n bá fi ohùn dáhùn, ó tó. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ dúró. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sọ pé ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀nda, ẹni tó ń lo ìsọfúnni ló sì ní láti fi hàn pé òun gbàṣẹ. Òótọ́ ni pé òfin náà yọ ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé rẹ̀ fún ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ kò lè sá sábẹ́ ìyẹn.

2. Wọ́n ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọmọ àǹtí kò lè yọ̀nda ojú ìyá rẹ̀. Bí ẹni inú fọ́tò kò bá tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kẹ́ ẹ bi.

3. Fọ́tò tí èèyàn púpọ̀ wà nínú rẹ̀: ẹ gé àwọn yòókù kúrò kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ.

Èyí tó tún burú ni kí wọ́n gba àṣẹ fọ́tò kan, kí wọ́n wá lọ kó bíi 15 sí 20 láti orí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù àǹtí láti fi kọ́ LoRA, ìyẹn fáìlì kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ojú ẹnì kan mọ́rí. Fọ́tò kan tí ẹ fún ẹ̀rọ wò wà fún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. LoRA ti sọ ojú wọn di fáìlì: ẹnikẹ́ni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lè wọ̀ wọ́n láṣọ tó bá wù ú, kó sì fi wọ́n síbi tó bá wù ú. Àṣẹ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Bí àǹtí bá sì ní kí ẹ pa á rẹ́, àwòrán tó jáde nìkan kọ́ ni ẹ máa pa rẹ́. Nínú ComfyUI, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ fi ń ya àwòrán AI, fọ́tò tí ẹ gbé wọlé ṣì wà nínú fódà `input`, àwọn tó jáde wà nínú `output`, LoRA sì wà nínú `models/loras`. PNG tó ń jáde níbẹ̀ tún ń gbé gbogbo ètò iṣẹ́ náà dání, títí kan orúkọ fáìlì fọ́tò tí ẹ lò. Bí ẹ bá fi orúkọ àǹtí pe fáìlì náà, tí ẹ wá fi PNG ránṣẹ́ sí atẹ̀wé bíi dókúmẹ́ǹtì lórí Wásáàpù, orúkọ yẹn bá a lọ. Ẹ pe fáìlì ní `ref01.jpg`, kí ẹ sì sọ èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé di JPG, láìkó ìsọfúnni inú rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ lò, ẹ lè pa tinú àkáǹtì yín rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò lè tó èyí tí ilé iṣẹ́ náà bá ti tọ́jú. Kí fọ́tò tó kúrò lórí fóònù yín ni kẹ́ ẹ ti sọ ìyẹn fún àǹtí.

Bí wọ́n bá kọ̀, tó sì jẹ́ ìdúró wọn nínú fọ́tò yẹn nìkan lẹ nílò, ẹ ya fọ́tò ara yín ní ìdúró kan náà, kí ẹ fi OpenPose nínú ControlNet, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé ìdúró inú fọ́tò, mú un. Eegun ìdúró nìkan ló ń mú jáde, àwòrán ojú kankan kò bá a wọlé. Kí ẹ wá fi fọ́tò gidi àǹtí, èyí tí ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn, sí ẹ̀gbẹ́ kan bánà náà.