Nọ́ńbà Ọ̀tọ̀, Iṣẹ́ Kan Náà: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ìdánwò Oríṣi Méjì fún Kíláàsì Kan

Tíṣà tí kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó pọ̀ wo ìwé ara wọn sábà máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà inú ìbéèrè, á pe ọ̀kan ní Ìwé A, èkejì ní Ìwé B. Ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ ti ń wọlé láìmọ̀, torí pé nọ́ńbà tó jọra lójú lè má jọra níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyọkúrò. Ìwé A ní 52 − 28, Ìwé B ní 68 − 25. Ẹni tó gba A gbọ́dọ̀ yá mẹ́wàá, nítorí a kò lè yọ 8 kúrò nínú 2. Ẹni tó gba B kò ní yá nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ yíyá á gba B yìí dáadáa, á sì kùnà nínú A, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó yí nọ́ńbà kankan padà, ẹ kọ ìgbésẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà sílẹ̀. Ti 52 − 28 nìyí: yá mẹ́wàá, 12 − 8 jẹ́ 4, 4 − 2 jẹ́ 2, ìdáhùn 24. Ẹ wá ìbéèrè tó gba ọ̀nà yìí gẹ́lẹ́ sínú Ìwé B dípò 68 − 25: 63 − 29, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹ má fi 60 − 29 dípò rẹ̀ o; òdo tó wà lókè máa ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú lọ́nà tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n á ti mú ìdáhùn kan nínú mẹ́ta, àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tó gbàgbé pé òun ti yá mẹ́wàá á rí 34 nínú A, á rí 44 nínú B. Ẹni tó yọ kékeré kúrò nínú ńlá níbi gbogbo á rí 36 nínú A, 46 nínú B. Ẹ fi irú àṣìṣe méjèèjì sínú ìwé méjèèjì. Bí ẹ bá fi 91 sínú B dípò 46, kò sẹ́ni tó máa mú un, B á sì ti rọrùn ju A lọ.

Ẹ pín ìwé ní A, B, A, B lórí ìlà kan, kí ìlà tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn má baà jọra. Ẹ má ṣe fi ìwé kan ya àwọn tó mọ̀wé sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti máàkì tán, ẹ ka iye tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì. Ká ní ogún ọmọ ló ṣe A, ogún ló ṣe B. Bí 15 bá gbà á nínú A, tí 13 gbà á nínú B, ìyẹn kò tó ohun tí à ń fura sí nínú kíláàsì kékeré. Bó bá jẹ́ 15 sí 6, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìgbésẹ̀ kan pọ̀ sí i nínú B. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ìbéèrè náà kúrò nínú máàkì gbogbo kíláàsì, àti A àti B.