Máòsì tuntun tí mi ò bá má rà

₦6,500 ni mo kó lé oníṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ ní Sábó, Ìkòròdú, fún máòsì tuntun, wàhálà tí mo torí ẹ̀ rà á sì tẹ̀lé mi délé. Láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ ni tèmi, Windows 10 ló ń lò. Bí mo bá tẹ fólídà lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣí. Ó máa ń rò pé orúkọ fólídà ni mo fẹ́ yí padà. Ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù náà fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, máòsì yín ló ti kú." Èmi náà gbà.

Ìgbà tí tuntun ṣe bíi tàtijọ́ lojú mi tó là. Mo tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, mo kọ `main.cpl`. Lábẹ́ Buttons, Double-click speed ti wà ní òpin apá Fast. Níbẹ̀ yẹn, ìtẹ̀ kejì gbọ́dọ̀ dé láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìka ta ló yára tó bẹ́ẹ̀? Mo fà á padà sáàárín, níbi tí nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá wà, mo dán an wò lórí fólídà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú kan! Máòsì tó kú lóòótọ́ ni èyí tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ka méjì. Ìyẹn, bọ́tìnnì inú ẹ̀ ló ti jẹ.

Mo yọ àmì tó wà ní Enhance pointer precision lábẹ́ Pointer Options, kí ọfà má máa sáré ju ọwọ́ mi lọ. Ìyẹn parí.

Táyà àárín máòsì ló wá fojú mi rí màbo. Tọ́ṣìpáàdì mi ń yí ojú ìwé bíi fóònù, ibi tí ìka bá lọ ni ojú ìwé ń bá a lọ, mo sì fẹ́ kí máòsì ṣe bẹ́ẹ̀. Settings Windows 10 ní àyè ìyẹn fún tọ́ṣìpáàdì, kò ní fún máòsì. Inú `regedit`, níbi tí Windows ń tọ́jú ètò ẹ̀ sí, ló wà:

```
HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\CurrentControlSet\Enum\HID
```

Fólídà bíi mélòó kan tí orúkọ wọn fi VID àti nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo wọ Device Parameters, mo sọ FlipFlopWheel di 1 dípò 0, mo yọ máòsì, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Kò yí padà. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń pa láptọ́ọ̀pù tí mo ń tàn án, kí n tó mọ̀ pé máòsì àtijọ́ ni mo ń tún ṣe! Nọ́ńbà VID tèyí tó wà lọ́wọ́ yín wà nínú `main.cpl`: Hardware, Properties, Details, kí ẹ wá yan Hardware Ids. Mo fi wá tèmi, mo yí i, ó ṣiṣẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ki máòsì bọ ojú USB kejì, táyà tún padà sí tàtijọ́. Ojú kọ̀ọ̀kan ni Windows ń ṣí fólídà tuntun fún, òdo ló sì máa wà nínú ẹ̀. Mi ò lókun à ń tún un ṣe mọ́. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi ni mo fi sàmì sí ojú ti àkọ́kọ́.