Bí a ṣe ń fi ímójì mú èsì kúkúrú rọ̀

Aṣọ ni mò ń rán ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń gbé Iléṣà bi mí lórí Wáásáàpù pé ṣé òun lè wá gba aṣọ òun ní Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo kàn tẹ̀ ẹ́ pé: "Rárá. Ọjọ́ Ẹtì." Màmá náà ò fèsì mọ́. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Inú ò bí mi rárá. Ká ní ojúkojú ni, wọn ì bá rí ẹ̀rín lójú mi. Àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ò ní ojú, kò ní ohùn. Ẹni tó ń kà á ló ń fi ohùn sí i. "Mo ti gbọ́" lásán, ẹnì kan lè kà á bí ẹni tó gbà, ẹlòmíì á kà á bí ẹni tó ń halẹ̀. Àmì ìdánudúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì máa ń dà bíi pé a ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nítorí irú àṣìgbọ́ yìí ni Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Carnegie Mellon l'Amẹ́ríkà, ṣe dábàá lọ́dún 1982 pé kí wọ́n máa fi :-) sẹ́yìn àwàdà.

Báyìí, kí n tó fi èsì ránṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ kà á sókè bí ẹni tó fajú ro. Tó bá ṣeé kà bẹ́ẹ̀, mo máa tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe: "ẹ", "mà" àti "o" gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ, torí kò sí ímójì tó lè bo "o ti gbọ́" tí a kọ sí àgbà. Lẹ́yìn náà ni mo máa yọ àmì ìdánudúró tó wà níparí, màá fi ímójì kan ṣoṣo sípò rẹ̀. Èsì ọjọ́ yẹn ì bá rí báyìí:

"Ẹ má bínú mà, ó di ọjọ́ Ẹtì o 🙏"

Tí mo bá ń bẹ̀bẹ̀ tàbí mò ń dúpẹ́, 🙏 ni. Tí mo bá gbà, 😊 ni. Mi ò kí ń fi 👍 nìkan fèsì ìbéèrè, torí àwọn kan máa ń rò pé mo fẹ́ lé àwọn lọ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń ka 🙂 sí ẹ̀rín ẹni tó ń fi ìbínú pamọ́. Èyí tí mo tún ń ṣọ́ra fún ni 😂: omi ojú rẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn àgbà kan rò pé ẹkún ni, wọ́n á fi kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Bí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ oníbàárà, mi ò ní wá ímójì kankan. Màá pè é ni.