Ohun tí kò yẹ ká ṣe nínú àtẹ oògùn àgbàlagbà

"Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́." Ìlà mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fà bí a bá ń ṣe àtẹ oògùn fún ìyá tàbí bàbá wa. A ó kọ "lẹ́yìn oúnjẹ" sí iwájú gbogbo wọn, a ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, ọkàn wa á sì balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí oògùn méjì tó jọ wà lábẹ́ "àárọ̀" lè máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá àgbà kan tó ń lo oògùn mẹ́rin: lẹfotairọ́ksìn fún tàìróìdì ọrùn rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ tó, mẹtifọ́mìn fún àtọ̀gbẹ, amilodípìn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti kálísíọ̀mù fún egungun. Ọmọ rẹ̀ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Màmá kì í fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ wọ́n, òtútù ń mú wọn, wọn kì í sì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìṣòro tàìróìdì náà ṣì wà níbẹ̀. Oúnjẹ ni kò jẹ́ kí lẹfotairọ́ksìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, kálísíọ̀mù sì tún ń so mọ́ ọn nínú ìfun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á wá bá ìgbẹ́ jáde. Dókítà tí kò rí àtẹ yẹn lè rò pé oògùn ló kéré, kó sì fi kún un.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n tún un ṣe, pẹ̀lú apòògùn, nìyí:

| Aago | Oògùn | Ìwọ̀n | Oúnjẹ |
|---|---|---|---|
| 6:00 àárọ̀ | Lẹfotairọ́ksìn | Hóró 1, máíkírógíráàmù 50 | Inú òfìfo, omi lásán |
| 7:00 àárọ̀ | Mẹtifọ́mìn | Hóró 1, mílígíráàmù 500 | Pẹ̀lú oúnjẹ |
| 7:00 àárọ̀ | Amilodípìn | Hóró 1, mílígíráàmù 5 | Bí wọ́n jẹun, bí wọn ò jẹun |
| 1:00 ọ̀sán | Kálísíọ̀mù | Hóró 1, mílígíráàmù 500 | Pẹ̀lú oúnjẹ |
| 7:00 alẹ́ | Mẹtifọ́mìn | Hóró 1, mílígíráàmù 500 | Pẹ̀lú oúnjẹ |

Ó kéré tán, wákàtí 4 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín lẹfotairọ́ksìn àti kálísíọ̀mù. Bákan náà ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú. Mẹtifọ́mìn ní tiẹ̀ máa ń da inú rú bí kò bá bá oúnjẹ wọlé. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti fi kún lẹfotairọ́ksìn tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dédé yí aago rẹ̀ padà láìsọ fún un. Oògùn tí kò ráyè wọlé tẹ́lẹ̀ á wá máa wọlé, á sì pọ̀ jù, àyà lè máa lù kìkì, oorun lè má wá mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló máa sọ ìwọ̀n tó tọ́.

Àṣìṣe kejì wà nínú òpó oúnjẹ náà. A máa ń kọ "pẹ̀lú oúnjẹ", a kì í kọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe lọ́jọ́ tí àgbà bá kọ oúnjẹ. Èyí léwu gan-an fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibẹnkilamáìdì tàbí ínsúlínì, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì. Òógùn á máa bò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn lè dàrú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo bẹ̀rù jù, nítorí àwọn ará ilé lè sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ bi dókítà nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú òpó yẹn: "Bí wọn ò bá jẹun, ẹ má fún wọn, ẹ pe dókítà," tàbí ohunkóhun tó bá sọ.

Ní ti ìwọ̀n, "hóró 1" nìkan kò tó. Amilodípìn wà ní mílígíráàmù 5, ó tún wà ní 10. Bí páálí oṣù yìí bá yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, hóró kan náà ti di ìlọ́po méjì, òòyì sì lè kọ́ wọn kí wọ́n ṣubú. Ẹ kọ iye hóró àti agbára rẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ sì fi í wé páálí nígbàkígbà tí ẹ bá ra tuntun. Ẹ má kọ "5.0", torí bí àmì kékeré yẹn bá pa rẹ́, 50 ni ẹlòmíì máa kà. Máíkírógíráàmù náà, ẹ kọ ọ́ tán, torí 1,000 rẹ̀ ló ń di mílígíráàmù kan.

Orúkọ oògùn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nìkan, kí wọ́n má baà lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì láti inú páálí méjì.

Bí dókítà bá sì dá oògùn kan dúró, ẹ má fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Ẹ tún àtẹ náà kọ, ẹ fi déètì sí i lókè, kí ẹ wá kó gbogbo ti àtijọ́ kúrò: èyí tó wà lára ògiri, èyí tó wà nínú báàgì màmá, àti fọ́tò rẹ̀ tó wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín.