Bí a ṣe ń wá èdè ìyá tó ti kú lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀

Ulé ni ará Èkìtì ń pe ilé. Ugi ni ó ń pe igi. Ẹni tó bá ti gbọ́ méjèèjì lè fọkàn rò ó bí iṣu yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wọn kó tó gbọ́ ọ. Irú ìyàtọ̀ báyìí, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè fi ń wá èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, tí a kò sì kọ sílẹ̀ rí. Èdè mẹ́rin láti Òkun Pàsífíìkì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé: Tóńgà, Sàmóà, Màórì àti Hàwáì. Ìró inú wọn kò pọ̀, nítorí náà iṣẹ́ náà hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ kó jọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ mú orúkọ ẹ̀yà ara, òǹkà, omi, òjò, ẹja, ohun tí kò sí ìran tí kò ní in. Ẹ yẹra fún ọjà àti ohun tí àjèjì gbé wá. Hipi ni Màórì ń pe àgùntàn, Hàwáì ń pè é ní hipa. Ẹnì kan lè rò pé ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti jogún un, àmọ́ ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ti yá a, bí Yorùbá ṣe ní búrẹ́dì tí Haúsá náà sì ní burodi.

Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n sórí ìlà. Àmì ʻ dúró fún ìgbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá pa dé fún ìgbà kúkúrú. Ìró gidi ni lọ́dọ̀ wọn.

Ojú: Tóńgà mata, Sàmóà mata, Màórì mata, Hàwáì maka.
Ẹja: Tóńgà ika, Sàmóà iʻa, Màórì ika, Hàwáì iʻa.

Ẹ má wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kí ẹ wò. Níbi tí àwọn mẹ́ta ti ní t, Hàwáì ní k. Níbi tí Tóńgà àti Màórì ti ní k, Sàmóà àti Hàwáì ní ʻ. Ọ̀rọ̀ méjì kò tíì tó ẹ̀rí, nítorí náà ẹ dán an wò. Kutu ni iná orí lédè Tóńgà. Bí òfin wa bá tọ̀nà, Sàmóà gbọ́dọ̀ pè é ní ʻutu, Hàwáì ní ʻuku. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é! Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin, ẹ má fi tipátipá mú un: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ó sì lè jẹ́ pé òfin mìíràn wà tí ẹ kò tíì rí.

Ó wá kan ká pinnu èyí tó jẹ́ ti ìyá. Ti t rọrùn: ó yá èèyàn lára láti gbà pé Hàwáì nìkan ló yí padà ju pé àwọn mẹ́ta yí padà. Ṣùgbọ́n k àti ʻ jẹ́ méjì sí méjì. Ohun tí a ti rí káàkiri ayé ló là á: k máa ń rọ̀ di ʻ, a kì í sábà rí i kí ʻ le di k. A ó kọ ọ́ báyìí: *mata, *ika, *kutu. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ pé a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé ìdìbò ni. Tóńgà ń pe òjò ní ʻuha. Ua ni àwọn mẹ́ta yòókù ń pè é. Ṣé Tóńgà ló fi h kún un? Rárá. Ua ni Tóńgà fúnra rẹ̀ ń pe òǹkà èjì, kò sì sí h láàárín u àti a níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń fi h kún ọ̀rọ̀ ni, kí ni ì bá sọ fún un pé kó fi kún òjò, kó fi èjì sílẹ̀? Àwọn mẹ́ta ló sọ h nù. Ẹnì kan ṣoṣo ló rántí.

Ohun tí gbogbo ọmọ bá jọ gbàgbé ńkọ́? Langi ni ọ̀run ní Tóńgà, lagi ní Sàmóà (g wọn dún bí ng), rangi ní Màórì, lani ní Hàwáì. Ẹ fi wọ́n wéra títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, fáwẹ́lì ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Màláyì, tó jẹ́ ìbátan wọn lọ́nà jíjìn, ń pè é ní langit, ó sì ń pe ẹja ní ikan. T àti n ìparí yẹn wà lẹ́nu ìyá àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí tó lè sọ ọ́ fún wa. Ìbátan tó jìnnà ni a ní láti lọ bi.